Owó-orí tó wọ dúrọ́ọ̀ kì í ṣe owó ọjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàtà àti báàgì ni mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, owó ọwọ́ sì ni gbogbo oníbàárà mi ń san. Mo ń gba owó-orí lé ọjà bí òfin ṣe ní kí n gbà á. Lálẹ́, gbogbo owó tí mo bá bá nínú dúrọ́ọ̀ ni mo máa ń kọ sí "ọjà títà". Ìwé mi ń sọ pé mò ń jèrè, àmọ́ tí àsìkò àtisan owó-orí bá tó, n kì í rí owó náà. Báwo ló ṣe yẹ kí n máa kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́ ò jìnnà. Ìlà kan ṣoṣo lẹ̀ ń kọ síbi tó yẹ kẹ́ ẹ kọ ìlà méjì. Nígbà tí oníbàárà bá ka owó lé yín lọ́wọ́, owó oríṣi méjì ló kà pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ tiyín, torí pé ẹ gbé bàtà fún un. Èkejì ò fìgbà kan jẹ́ tiyín. Ìjọba ló ni ín, ẹ kàn bá a gbà á ni. Láti ìṣẹ́jú tó ti bọ́ sínú dúrọ́ọ̀ yín ló ti di gbèsè lọ́rùn yín, ìwé yín sì gbọ́dọ̀ pè é ní gbèsè lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san án.

Ẹ jẹ́ ká mú bàtà kan ká fi wò ó. Ká ní iye rẹ̀ láìsí owó-orí jẹ́ 5,000, kí owó-orí sì jẹ́ 8 nínú 100. Mo mú 8 kí ìṣirò má baà díjú ni o. Iye tí òfin là kalẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Owó-orí bàtà yẹn á jẹ́ 400, oníbàárà á sì san 5,400. Nínú ìwé yín, àkáǹtì mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kàn: Owó Ọwọ́, Ọjà Títà, àti èyí tí mo rò pé ẹ ò tíì ní, ìyẹn Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba. Tí ẹ ò bá ní àkáǹtì kẹta yìí, ẹ ṣí i lónìí. Ojú ìwé kan péré ló máa gbà.

Ìwé ìṣirò ní apá òsì tí wọ́n ń pè ní dẹ́bíìtì, ó sì ní apá ọ̀tún tí wọ́n ń pè ní kirẹ́díìtì. Ohun tó bá wọlé wá bá yín, òsì ló ń wà. Ibi tó ti wá, ọ̀tún ló ń wà. Àpapọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ẹ ó ṣe kọ bàtà yẹn rèé:

Òsì: Owó Ọwọ́, 5,400
Ọ̀tún: Ọjà Títà, 5,000
Ọ̀tún: Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba, 400

Ẹ wo apá ọ̀tún yẹn dáadáa. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀, ìtumọ̀ wọn ò sì jọra rárá. 5,000 ń lọ síbi tí a ti máa ṣírò èrè. 400 ń lọ síbi tí a ti ń kọ ohun tí a jẹ. Kò ní dé ibi èrè láéláé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń san án fún ìjọba nígbà tó bá yá, ẹ ò ní kọ ọ́ sí ìnáwó. Mo máa padà sí ìyẹn níwájú.

Ìdajì kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ onísọ́ọ̀bù máa ń fò dá. Bàtà kan ti jáde kúrò ní pẹpẹ. Tó bá jẹ́ pé 3,200 lẹ rà á, ẹ kọ 3,200 sí òsì lábẹ́ Iye Ọjà tó Jáde, kẹ́ ẹ sì kọ 3,200 sí ọ̀tún lábẹ́ Ọjà Inú Ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ ò bá fẹ́ máa ṣe èyí lójoojúmọ́, ẹ lè dúró di ìparí oṣù. Ẹ ka ọjà tó kù, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ rà kún un. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni iye ọjà tó jáde. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ò ní ṣẹ̀ tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀. Owó-orí nìkan ni kò ṣeé fi dúró di ìparí oṣù.

Ní báyìí, ẹ fi bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ wé e. Èrè orí bàtà yẹn jẹ́ 1,800, ìyẹn 5,000 láìsí 3,200. Ẹ̀yin kọ 5,400 sí ọjà títà, èrè yín wá di 2,200. Ìwé yín ti fi 400 bù kún èrè, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún èrè gidi lọ. Èrè tí ìwé ń pariwo yẹn lẹ fi ń tún ọjà rà, tẹ́ ẹ sì fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Ẹnikẹ́ni ò jí owó-orí yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ná an, torí pé ìwé sọ fún yín pé èrè ni.

Tí owó-orí bá wà lọ́tọ̀ lára rìsíìtì, ìṣòro ò sí. Iye ọjà, owó-orí, àpapọ̀, ìlà mẹ́ta, ẹ dà á kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ibi tó ti máa ń dà rú ni ṣọ́ọ̀bù tó bá lẹ iye kan ṣoṣo mọ́ ọjà, tí owó-orí ti wà nínú rẹ̀. Báàgì kan wà tí wọ́n kọ 3,000 sí lára, 3,000 náà sì ni oníbàárà máa san. Mélòó ni owó-orí níbẹ̀? Ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn á ti dé orí ẹ̀rọ ìṣirò kí wọ́n tó rò ó: ìdá 8 nínú 100 ti 3,000, ó jẹ́ 240. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orí iye ọjà nìkan ni owó-orí máa ń jókòó sí, kì í jókòó sórí ara rẹ̀. 3,000 yẹn jẹ́ iye ọjà pẹ̀lú ìdá 8 rẹ̀. Tí iye ọjà bá jẹ́ ìdá 100, 3,000 jẹ́ ìdá 108. Pípín lẹ máa pín in:

```
3,000 ÷ 1.08 = 2,777.78
3,000 − 2,777.78 = 222.22
```

Ọjà Títà jẹ́ 2,777.78, owó-orí jẹ́ 222.22. Ẹni tó kọ 240 ti fún ìjọba ní 17.78 tí kò jẹ ẹ́, nínú èrè ara rẹ̀ sì ni. Tí owó-orí níbi tẹ́ ẹ wà bá jẹ́ 10, 1.10 lẹ máa fi pín. Tó bá jẹ́ 5, 1.05 ni.

N ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí, torí pé èmi gan-an ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn èèyàn tọ́jú ìwé, oníbàárà mi kan máa ń gba nǹkan bí 864,000 lóṣù, owó-orí ti wà nínú rẹ̀. Mo fi 0.08 sọ ọ́ di púpọ̀, mo rí 69,120, a sì san án. Oṣù mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo fi 1.08 pín in láti fi yẹ ara mi wò, mo rí 800,000, owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ 64,000. A ti ń san 5,120 lásán lóṣooṣù, àpapọ̀ rẹ̀ 15,360. A tún ìwé owó-orí oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ ránṣẹ́ kí owó náà tó padà. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá yọ owó-orí kúrò nínú àpapọ̀, mo máa ń dá a padà wò. Mo á mú iye ọjà tí mo rí, mo á fi owó-orí rẹ̀ lé e, mo á wò ó bóyá ó padà sí iye tí oníbàárà san. Tí mo bá mú 69,120 kúrò nínú 864,000, yóò ku 794,880. Ìdá 8 rẹ̀ jẹ́ 63,590.40, kì í ṣe 69,120. Ibẹ̀ ni àṣìṣe náà á ti yọjú.

Ìṣirò pípín yìí kan náà lẹ máa lò tí oníbàárà bá ní kẹ́ ẹ gba 5,000 géérégé dípò 5,400, tẹ́ ẹ sì gbà fún un. Ẹ má ṣe rò pé owó-orí lẹ dárí jì í. Ẹ ò lágbára láti dárí owó ìjọba jì í. Iye ọjà tiyín lẹ dín kù. 5,000 náà ti wá di àpapọ̀, ẹ fi 1.08 pín in: ọjà títà jẹ́ 4,629.63, owó-orí 370.37. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá kọ 5,000 sí ọjà títà tí ẹ ò kọ owó-orí kankan, ìjọba á ṣì béèrè owó-orí ọjà náà lọ́wọ́ yín.

Ó ku ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní lè máa kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún bàtà kọ̀ọ̀kan, kò sì pọn dandan. Ẹ kó rìsíìtì ọjọ́ náà jọ, kẹ́ ẹ kọ ẹyọ kan fún gbogbo ọjọ́. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yí padà nìyí: orí rìsíìtì ni kẹ́ ẹ ti mú iye ọjà títà àti owó-orí. Owó tẹ́ ẹ kà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ lò ó láti fi yẹ rìsíìtì wò ni. Ẹ̀yin ń lo dúrọ́ọ̀ bí ẹni pé òun ni rìsíìtì.

Mo máa fi ọjọ́ kan ṣàlàyé. Láàárọ̀, ẹ fi 2,000 sínú dúrọ́ọ̀ fún ṣéńjì. Lálẹ́, àpapọ̀ rìsíìtì fi hàn pé ọjà tẹ́ ẹ tà jẹ́ 46,000, owó-orí rẹ̀ 3,680, gbogbo rẹ̀ 49,680. Pẹ̀lú owó ṣéńjì, ó yẹ kẹ́ ẹ bá 51,680 nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ kà á, ẹ bá 50,080. Ó dín 1,600. Ẹ wá rántí pé lọ́sàn-án, ẹ mú 1,500 fún ìlò ilé, ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan sínú dúrọ́ọ̀. Ó ku 100 tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe rìn, bóyá ṣéńjì tẹ́ ẹ fún ẹnì kan ló lé. Ẹyọ ọjọ́ náà rèé:

Òsì: Owó Ọwọ́, 48,080
Òsì: Owó tí Olówó Mú, 1,500
Òsì: Owó Dín tàbí Owó Lé, 100
Ọ̀tún: Ọjà Títà, 46,000
Ọ̀tún: Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba, 3,680

48,080 yẹn ni owó tẹ́ ẹ kà láìsí 2,000 ti ṣéńjì, torí pé 2,000 náà ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìlà méjì tó wà lọ́tùn-ún ò yí padà rárá. Owó dín, ẹ mú owó, ṣéńjì lé, kò sí èyí tó kan ìjọba níbẹ̀. Bàtà ti tà, owó-orí rẹ̀ ti dé. Tó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é ni, 48,080 lẹ máa kọ sí ọjà títà. Kódà kẹ́ ẹ wá fi 1.08 pín ìyẹn, owó-orí tẹ́ ẹ máa rí jẹ́ 3,561.48. Ẹ ti fi 118.52 dín ohun tẹ́ ẹ jẹ kù lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ ò sì mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń mú owó nínú dúrọ́ọ̀ lójoojúmọ́, owó tẹ́ ẹ ń mú ń sọ ọjà tẹ́ ẹ tà di kékeré nínú ìwé. Ẹni tó bá wá yẹ ìwé yín wò lè rò pé ńṣe lẹ ń fi ọjà pamọ́.

Kí ẹ sì fi sọ́kàn pé owó tẹ́ ẹ bá mú ra nǹkan ìlò ṣọ́ọ̀bù, bíi ọ̀rá tí ẹ fi ń di ọjà, ìnáwó ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Àkáǹtì ìnáwó ló ń lọ, kì í lọ sí Owó tí Olówó Mú.

Tó bá wá di ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ gbé 48,080 lọ sí báńkì, Báńkì á wà lósì, Owó Ọwọ́ á wà lọ́tùn-ún. Ó parí síbẹ̀. Kì í ṣe ọjà tuntun lẹ tà. Mo sọ èyí torí mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ ọjà títà lálẹ́, tí wọ́n tún kọ ọ́ nígbà tí owó dé báńkì. Ẹni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó-orí ọjà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá ń ta ọjà tí òfin yọ kúrò nínú owó-orí mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ẹ la òpó méjì sínú ìwé ojoojúmọ́ yín, ọ̀kan fún èyí tó ní owó-orí, ọ̀kan fún èyí tí kò ní. Ìwé tí ìjọba máa béèrè sábà máa ń bi yín léèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọjà tí oníbàárà dá padà tún wà. Ká ní ẹni tó ra bàtà 5,400 yẹn dé lọ́jọ́ kẹta pé kò bá òun lẹ́sẹ̀ mu, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dá 5,400 padà fún un, torí pé iye tó san nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dá 5,000 padà tẹ́ ẹ sì di 400 mú, ẹ ti gba owó-orí lórí ọjà tí kò tà. Bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ rèé:

Òsì: Ọjà tí a Dá Padà, 5,000
Òsì: Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba, 400
Ọ̀tún: Owó Ọwọ́, 5,400

Ìlà kejì yẹn ló ń mú gbèsè yín wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ 5,400 odindi sí Ọjà tí a Dá Padà, 400 á ṣì wà lọ́rùn yín, ẹ ó sì san án fún bàtà tó ti padà sórí pẹpẹ. Tí bàtà náà bá ṣì dára fún títà, 3,200 á padà sí Ọjà Inú Ṣọ́ọ̀bù lósì, Iye Ọjà tó Jáde á sì wà lọ́tùn-ún. Tó bá ti bàjẹ́, ẹ má dá a padà síbẹ̀, àdánù ni. Kẹ́ ẹ so rìsíìtì àkọ́kọ́ mọ́ ìwé tẹ́ ẹ fi dá owó padà. Láìsí rìsíìtì yẹn, ẹ ò ní lè fi hàn ẹnikẹ́ni pé ẹ ti kọ́kọ́ gba owó-orí tẹ́ ẹ ń yọ kúrò yìí.

Nígbà tí oṣù bá parí, àkáǹtì Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba á ti ní iye kan. Ká ní ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 25 nínú oṣù náà, kí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì dà bí ọjọ́ tí mo fi ṣàpẹẹrẹ. Ọjà títà á jẹ́ 1,150,000, owó-orí tó wọlé 92,000. Bàtà márùn-ún padà wá, 25,000, owó-orí wọn 2,000. Ó ku 90,000 nínú àkáǹtì náà. Kẹ́ ẹ tó san án, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ọjà títà, kẹ́ ẹ yọ ọjà tí wọ́n dá padà kúrò, 1,125,000 nìyẹn. Ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 90,000. Ó bára mu.

Àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, torí pé tí kò bá bára mu, iye tó fi yàtọ̀ máa ń tọ́ka ibi tí àṣìṣe wà. Tó bá fi 2 tàbí 3 yàtọ̀, bí a ṣe ń gé ìdá kéékèèké kúrò lórí rìsíìtì ló fà á, ẹ má da ara yín láàmú. Àmọ́ ká ní àkáǹtì náà fi 432 dín sí ohun tẹ́ ẹ ṣírò. 432 jẹ́ ìdá 8 nínú 100 ti 5,400. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn: ẹnì kan ta bàtà 5,400, ó sì kọ odindi rẹ̀ sí ọjà títà, bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló fi 432 lé, ẹ lọ wo ọjà tí a dá padà, wọ́n ti kọ 5,400 odindi síbẹ̀ láì yọ owó-orí sọ́tọ̀. Mo ti fi ọ̀nà yìí rí àṣìṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹlòmíì ti fi ọ̀sán kan wá. Ẹ kàn fi 0.08 pín iye tó fi yàtọ̀, kẹ́ ẹ wá ọjà tó ní irú iye bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san án, Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba á wà lósì pẹ̀lú 90,000, Báńkì á wà lọ́tùn-ún pẹ̀lú 90,000. Àkáǹtì gbèsè náà á padà sí òdo fún oṣù yẹn. Kò sí ìnáwó kankan níbẹ̀, torí pé owó náà kò wọ èrè yín tẹ́lẹ̀, kò sì lè ti ibẹ̀ jáde. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sí ìnáwó, èrè yín á dín kù lọ́nà tí kò tọ́, gbèsè yín á sì máa ga sí i lóṣooṣù nínú ìwé bí ẹni tí kò sanwó rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, oṣù tó tẹ̀ lé e lẹ máa san ti oṣù tó kọjá. Torí náà, tí ẹ bá rí i pé iye kan wà nínú àkáǹtì yẹn lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, kò burú, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí.

Àwọn kan máa ń ṣí àkáǹtì báńkì míì tí wọ́n ń kó owó-orí sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, n ó sì gbà yín nímọ̀ràn láti ṣe é. Ẹ má kàn rò pé sísan ni. Láti báńkì kan sí òmíràn ni owó náà kàn rìn, gbèsè yín ò tíì dín.

Ẹ tún béèrè irú owó-orí tó wà níbi tẹ́ ẹ wà. Èyí kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń tà fún ẹni tó máa lò ó nìkan ló ń gbà á. Níbẹ̀, ẹni tó ń rajà láti tún tà sábà máa ń gba ìwé tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gba owó-orí lọ́wọ́ òun. Òmíràn wà tí gbogbo ẹni tí ọjà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ń gbà á. Níbẹ̀, owó-orí tẹ́ ẹ san nígbà tẹ́ ẹ ń ra bàtà, tí òfin bá gbà yín láyè, á wọ apá òsì àkáǹtì kan náà yìí, ìyókù nìkan lẹ ó sì san. Bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọjà tẹ́ ẹ tà ò yàtọ̀ nínú méjèèjì.

Ní ti ìwé tẹ́ ẹ ti kọ sẹ́yìn, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ya á. Ẹyọ àtúnṣe kan lẹ máa kọ. Ẹ kọ́kọ́ kó rìsíìtì jọ bó bá ṣeé ṣe, torí pé owó tẹ́ ẹ mú ti dín iye tẹ́ ẹ kà nínú dúrọ́ọ̀ kù, bí mo ṣe fi hàn lókè. Ká ní rìsíìtì oṣù tó kọjá fi hàn pé ẹ gba 648,000, gbogbo rẹ̀ ló ní owó-orí nínú, iye yẹn náà sì lẹ kọ sí ọjà títà. Ẹ fi 1.08 pín in, 600,000. Owó-orí jẹ́ 48,000. Ẹ kọ Ọjà Títà, 48,000, sí òsì, kẹ́ ẹ sì kọ Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba, 48,000, sí ọ̀tún. Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ déètì òní, kẹ́ ẹ má ṣe kọ déètì àná. Tẹ́ ẹ bá ti san 30,000 nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ìnáwó, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀: Owó-orí tí a Jẹ Ìjọba, 30,000, lósì, àkáǹtì ìnáwó yẹn, 30,000, lọ́tùn-ún. Èyí tó máa kù lọ́tùn-ún àkáǹtì owó-orí jẹ́ 18,000. Òun ni gbèsè yín gan-an. Tí ìwé tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ sí ìjọba fún oṣù yẹn bá sọ iye míì, ẹ tún un kọ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó san 18,000 náà, kí owó tẹ́ ẹ bá san lè bá ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn mu.